Wọ́n Ti Da Dìsáìnì Aṣọ Yín Kọ: Kí Lẹ Lè Forúkọ Ẹ̀ Sílẹ̀ Gan-an?

Tí aláàdìrẹ kan bá ti gbé fọ́tò méjì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan aṣọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ìkejì èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń tà ní ìdajì iye tiẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ṣé ẹ ò pátẹ́ǹtì ẹ̀ ni?" Ẹlòmíì á ní "òfin wo ló wà ní Nàìjíríà, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Àwọn méjèèjì ò gbá a mú. Ẹni àkọ́kọ́ ń darí èèyàn sí ibi tí kò kan aṣọ, ìkejì ń sọ ọ́ bíi pé kò sóhun tó ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn nǹkan kan wà tí oníṣẹ́ kékeré lè ṣe tí kò gba owó rẹpẹtẹ, àmọ́ ó ní èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, tí èyí tó yẹ kó ṣáájú bá ti bọ́ sẹ́yìn, kò sí lọ́yà tó lè bá yín dá a padà.

Ti Nàìjíríà ni mò ń sọ níbí, torí àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ṣe Kampálà l'Óṣogbo, àtàwọn tó ń ya àǹkárá lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra jù.

Orúkọ mẹ́rin tí wọ́n máa ń pò mọ́ra wọn

Pátẹ́ǹtì wà fún ohun tuntun tí èèyàn hùmọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kan, bí ẹ̀rọ, tàbí ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń po aró tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí. Àwòrán ara aṣọ ò sí níbẹ̀ rárá, torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun bá yín pátẹ́ǹtì àǹkárá yín, ẹ sún sẹ́yìn.

Kọpiráìtì ni ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ya àwòrán ní lórí àwòrán tó yà, pé ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ dà á kọ láìgbàṣẹ. Dìsáìnì, bí òfin ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, ni ìlà tàbí àwọ̀ tàbí méjèèjì pa pọ̀ tí ẹni tó ṣe é ti ní in lọ́kàn pé àwòṣe ló máa jẹ́, tí ilé iṣẹ́ á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀, ẹ̀tọ́ tiẹ̀ sì nìyí, ẹ ò ní i àfi tẹ́ ẹ bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tréèdìmáàkì ní tiẹ̀ ò jẹ mọ́ àwòrán aṣọ, orúkọ tàbí àmì tẹ́ ẹ fi ń tajà ló wà fún.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, méjì àárín yẹn, kọpiráìtì àti dìsáìnì, ni ìjà àdàkọ aṣọ dá lé.

Kọpiráìtì: ṣé mo gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó tó di tèmi?

Rárá o. Òfin kọpiráìtì tá à ń lò báyìí ni ti 2022 tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, ohun méjì ló sì béèrè lọ́wọ́ àwòrán kó tó dáàbò bò ó. Àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ti ṣe wàhálà lórí ẹ̀ débi tó fi ní ìrísí tiẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn tún tẹlòmíì yà. Ìkejì, kó wà lára nǹkan tó ṣeé rí, bóyá bébà, bóyá aṣọ, bóyá fáìlì inú kọ̀ǹpútà, torí dìsáìnì tó ṣì wà lọ́kàn yín ò tíì ní ẹ̀tọ́ kankan. Bí méjèèjì bá ti pé, ẹ̀tọ́ ti dé lọ́jọ́ yẹn náà, á sì wà títí ẹ ó fi kú, á tún lo 70 ọdún lẹ́yìn yín.

Kí wá ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ àjọ kọpiráìtì wà fún? Ẹ wò ó bí ìwé ọjọ́ìbí. Ìwé yẹn kọ́ ló bí ọmọ, ọmọ ti wà kẹ́ ẹ tó lọ gbà á, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá ní òun lòun ni ọmọ náà, ìwé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ fà yọ. Ìwé ẹ̀rí kọpiráìtì ò fún yín ní ẹ̀tọ́ tuntun, ẹ̀rí ọjọ́ ló jẹ́, pé lọ́jọ́ báyìí, ẹni báyìí ló wá sọ pé òun ló ya àwòrán báyìí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti `copyright.gov.ng`, ẹ ò nílò lọ́yà fún un. (NCC ni wọ́n ń pe àjọ yìí, àmọ́ kì í ṣe NCC àwọn onífóònù o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀.)

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú kọpiráìtì ni pé ó ń kọjá ẹnubodè. Nàìjíríà ti wọ àdéhùn Bẹ́ẹ̀nì, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi gbà láti máa dáàbò bo kọpiráìtì ara wọn, láti 1993, Ṣáínà náà wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, àwòrán tẹ́ ẹ yà ní Ìtòkú sì ní ẹ̀tọ́ nílùú wọn láìjẹ́ pé ẹ lọ fọwọ́ síwèé kankan lọ́dọ̀ wọn. Kì í ṣe pé ẹ máa lè pe ilé iṣẹ́ Ṣáínà lẹ́jọ́ láti Abẹ́òkúta, owó yẹn ò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó rìn dé ibi gbogbo yìí lẹ máa fi yọ ọjà wọn kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹni tó ní dìsáìnì àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin 1988, tí ti 2022 yìí gba ipò ẹ̀, sọ pé àwòrán tó bá jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń yà á ni wọ́n ti pinnu pé àwòṣe ló máa jẹ́ fún ohun tílé iṣẹ́ á máa ṣe lọ́pọ̀, kò ní kọpiráìtì. Torí náà bí dìsáìnì yín bá ti wà ṣáájú 2023, tó sì jẹ́ pé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ dìídì yà á, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi lọ́yà yín, kí lọ́yà ẹni tó da yín kọ má baà jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín.

Èwo nínú aṣọ mi ni kì í ṣe tèmi?

Ibí ló máa ń dun àwọn èèyàn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ọnà Olókun kì í ṣe tẹnì kan. Ìbàdàndùn náà bẹ́ẹ̀, èyí tó ní òpó Màpó àti ṣíbí nínú, àwọn ìyá wa ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ya á kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé. Bẹ́ ẹ bá yà á lónìí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ní kẹ́nikẹ́ni má yà á mọ́. Bákan náà ni ọ̀nà táà ń gbà ṣe é, ìdì oníko, rírán alábẹ́rẹ́, fífi káńdù yíyọ́ tẹ fóòmù mọ́ aṣọ, gbogbo wọn ni ẹnikẹ́ni lè lò, torí kọpiráìtì kì í dáàbò bo ọ̀nà ìṣe nǹkan tàbí èrò. Àwòrán tẹ́ ẹ gbé jáde gan-an ló ń bò.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá mú Olókun, tẹ́ ẹ tún un tò lọ́nà tí kò sẹ́ni tó tò ó bẹ́ẹ̀ rí, tẹ́ ẹ fi àwọn àwòrán tiyín sí i, ohun tẹ́ ẹ fi kún un àti bẹ́ ẹ ṣe tò ó ti di tiyín. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n jí yín kọ, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé kúrò lójú yín, àwọ̀ aró, ìlà tí káńdù tó kán ń fi sílẹ̀ lára aṣọ, ẹ̀sẹ̀ ìlà tó wọ́pọ̀, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó kù. Bó bá jẹ́ pé ohun tó kù yẹn náà ló wà lára aṣọ wọn, ẹjọ́ wà.

Fífi orúkọ dìsáìnì sílẹ̀: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù

Òfin tó wà fún èyí ti pẹ́, ti 1970 ni. Rẹ́jísírì tó ń bójú tó o wà l'Abújá lábẹ́ mínísírì tó ń rí sí ilé iṣẹ́ àti òwò, orí `iponigeria.com` ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, éjẹ́ǹtì tí wọ́n fọwọ́ sí, tó sábà máa ń jẹ́ lọ́yà, ló sì ń bá èèyàn fi í ránṣẹ́. Wọ́n máa fẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, fọ́tò tàbí àwòrán dìsáìnì náà tó mọ́ kedere, irú ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó fún, àti ìwé tẹ́ ẹ fi fún éjẹ́ǹtì láṣẹ. Bó bá gbà, ọdún márùn-ún lẹ máa rí, ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ ọdún 15.

Kí ló wá dé tó fi ń bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́? Òfin sọ pé dìsáìnì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́, tuntun tibẹ̀ sì túmọ̀ sí pé aráàlú ò tíì rí i, níbikíbi láyé, lọ́nàkọnà. Ẹ̀yin fúnra yín náà lè bà á jẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí Ínsítágíráàmù, ó ti bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí sítátọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀sáàpù tí oníbàárà ń wò, ó ti bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti tà á fún aṣọ ẹbí, gbogbo òde ti rí i. Àyè kan tí òfin fi sílẹ̀ ni fún ohun tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn tí ìjọba ṣe tàbí tó fọwọ́ sí, láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́. Pátákó ìtajà yín ò sí lára ìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní dìsáìnì ṣì ní oṣù 12 lẹ́yìn tó bá ti gbé e síta kó tó fi í ránṣẹ́ fún ìforúkọsílẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín tó ń rán aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ti ibẹ̀ yẹn tàn yín jẹ, kò rí bẹ́ẹ̀ níbí.

Èkejì tó tún ń dẹ́rù bà mí ni pé rẹ́jísírì kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dìsáìnì jẹ́ tuntun lóòótọ́, ìwé tó bá ti pé ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ ni òfin kọ́kọ́ ń kà sí olóhun. Ìyẹn ni pé oníṣòwò kan lè mú aṣọ yín, kó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bíi tiẹ̀, kó wá máa fi ìwé halẹ̀ mọ́ yín. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bẹ̀rù ìwé yẹn jù, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e bẹ́ ẹ bá fi hàn pé aṣọ náà ti wà lójútáyé ṣáájú ọjọ́ tó fi í ránṣẹ́. Pósítì tó ba ti yín jẹ́ yẹn náà ló máa ba tiẹ̀ jẹ́.

Ṣé gbogbo aláàdìrẹ ló wá yẹ kó lọ ṣe é? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Oníko tẹ́ ẹ fọwọ́ dì, tí méjì ò jọra, ẹ fi sílẹ̀, òfin yẹn ń wá àwòṣe tí wọ́n á máa tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀. Èyí tó yẹ ni dìsáìnì tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí sìkírìnì tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fún ilé iṣẹ́ kó tẹ ọ̀pọ̀ yáàdì, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó ṣì máa tà á lọ́dún mẹ́ta òní. Nǹkan kan tún wà tí éjẹ́ǹtì míì kì í sọ fún èèyàn: ìwé kan ṣoṣo lè gba dìsáìnì tó tó 50, bí wọ́n bá ti jẹ́ fún irú ọjà kan náà. Ẹni tó ní dìsáìnì mẹ́jọ fún ọdún Iléyá ò níláti ṣe ìwé mẹ́jọ, kó kó wọn pọ̀, kó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ni kó tó gbé fọ́tò síta.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ kan ṣe é

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ní Ìtòkú ya dìsáìnì kan lóṣù kìíní. Ọṣán gángan ló yà tó ń tẹ̀ kọrọkọrọ, ó wá to ìyẹ́ ẹtù sáàárín wọn. Ó gé e sí fóòmù mẹ́ta, ó ki wọ́n bọ káńdù gbígbóná, ó tẹ̀ wọ́n sára aṣọ, ó rẹ ẹ́. Lóṣù kejì ó gbé e sí Ínsítágíráàmù. Lóṣù kẹrin wọ́n fi ṣe aṣọ ẹbí. Lóṣù kẹsàn-án ó rí i lọ́jà, pọlísítà, wọ́n ti sọ aró ẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Ẹ̀tọ́ dìsáìnì ti lọ láti oṣù kejì, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kọpiráìtì ẹ̀ wà digbí, torí ó yà á fúnra ẹ̀, bébà tó yà á sí ṣì wà. Àwọ̀ tí wọ́n yí padà yẹn ò gbà wọ́n, torí ìtò ọṣán àti ìyẹ́ yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n sì kó o ní odindi.

Báwo ló ṣe máa fi hàn pé wọ́n kọ ọ́, pé kì í ṣe pé èrò wọn kàn pàdé? Kó tẹ́ aṣọ méjèèjì sílẹ̀ nínú oòrùn. Fóòmù ẹ̀ kejì ti ya díẹ̀ létí nígbà tó ń gé e, torí náà ìlà ọṣán kan máa ń já níbì kan náà ní gbogbo ibi tí fóòmù yẹn bá tẹ̀. Bí ìlà bá já níbẹ̀ gẹ́lẹ́ lára pọlísítà yẹn, fọ́tò aṣọ ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì já ìlà síbi kan náà. Kó tún wo ibi tí káńdù ti kán. Lára aṣọ gidi, kíkán káńdù ò jọra ní yáàdì kan sí èkejì, torí bí aṣọ ṣe ń ká ló ń kán. Lára èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, kíkán yẹn náà á máa padà wá bákan náà ní gbogbo ibi tí àwòrán bá ti tún bẹ̀rẹ̀, bí kíkán tó ń padà wá yìí bá sì bá ti ibì kan lára aṣọ tó gbé sí Ínsítágíráàmù mu, ẹ̀rí ń bẹ. Kó yẹ ẹ̀yìn aṣọ wò náà, ẹ̀yìn àdàkọ sábà máa ń funfun. Kó ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó ra yáàdì kan, kó gba rìsíìtì.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn oníṣẹ́ pé kí wọ́n má sọ bébà àkọ́yà àti fóòmù nù. Ẹ kọ déètì sẹ́yìn bébà. Ẹ jẹ́ kí fáìlì kọ̀ǹpútà wà bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀, àtèyí tẹ́ ẹ fagi lé náà, torí ẹni tó jí àwòrán kọ kì í ní èyí tó kọ́kọ́ yà tí kò dáa.

Mo ti rí àdàkọ, kí ni mo lè ṣe tí kò ní gbé mi wọ gbèsè?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ló yá jù tí kò sì náni lówó. Òfin 2022 ti fún ẹni tó ní kọpiráìtì láṣẹ láti kọ̀wé sí ẹni tó ni ojú òpó pé kó yọ ohun tí wọ́n jí kọ kúrò, Ínsítágíráàmù àti Fesibúùkù sì ní fọ́ọ̀mù tiwọn fún un. Ẹ má kàn kọ "olè ni wọ́n." Ẹ fi línkì ibi tí iṣẹ́ tiyín wà síbẹ̀ pẹ̀lú déètì ẹ̀, línkì ọjà tiwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ yín àti bí wọ́n ṣe lè kàn sí yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ pé ó dá yín lójú pé wọn ò gbàṣẹ, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ kọpiráìtì ni kẹ́ ẹ mú lórí fọ́ọ̀mù náà, ẹ má mú tréèdìmáàkì, torí bẹ́ ẹ bá mú èyí tí kò yẹ wọ́n lè dá a padà fún yín.

Fún ẹni tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà lọ́yà kan ṣoṣo sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ, pàápàá fún ẹni tó kó o wọlé, torí dídà-kọ-tà jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin kọpiráìtì, kì í ṣe gbèsè owó nìkan. Ẹ tún lè gbé e lọ fún àjọ kọpiráìtì, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó lágbára láti wọ ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n kó ọjà. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ni ẹjọ́ yìí máa ń lọ bó bá le, ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń náni, torí náà àyàfi bí iye ọjà tí wọ́n kó bá pọ̀ gan-an, ẹ má fi ibẹ̀ ṣe ibi àkọ́kọ́.

Orúkọ etí aṣọ ńkọ́?

Tréèdìmáàkì dáa, ọdún méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún èèyàn, bó bá tún un ṣe ó di 14 nígbà kọ̀ọ̀kan, kò sì lópin. Abala abala ni wọ́n pín ọjà sí níbẹ̀: ẹni tó ń ta aṣọ tí wọn ò tíì rán á fi sí abala 24, ẹni tó ń rán ẹ̀wù á fi sí 25. Àmọ́ orúkọ tàbí àmì yín nìkan ló ń bò. Ẹni tó bá yọ orúkọ yín kúrò létí aṣọ tó fi àwòrán sílẹ̀ ò fọwọ́ kan tréèdìmáàkì yín. Bí owó tó wà lọ́wọ́ bá jẹ́ ti ẹyọ kan, tí orúkọ yín sì ti ń tà ju dìsáìnì kankan lọ, orúkọ ni kẹ́ ẹ ṣe. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí kọpiráìtì fún àwọn dìsáìnì tó ń tà jù ná.

Ta ló ya àwòrán náà?

Ìbéèrè yìí ló ń tú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ká. Ọ̀pọ̀ ló ń ta àǹkárá lónìí tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n yà á, wọ́n ṣàlàyé fún ọmọkùnrin kan tó mọ gíráfíìkì, ó yà á lórí Kọ́rẹ́ẹ̀lì, wọ́n sanwó fún un, ó parí. Kò parí o. Lábẹ́ òfin kọpiráìtì, ẹni tó yà á ló ni ín, bẹ́ ẹ tiẹ̀ san gbogbo owó, àfi tí ìwé bá wà tó sọ nǹkan míì. Ó lè ta fáìlì náà fún ẹlòmíì lọ́la, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ àdàkọ kúrò lórí Ínsítágíráàmù, òun lẹ máa wá lọ bẹ̀.

Ìwé yẹn ò níláti gùn. Ìlà méjì tó: "Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ni mo ya dìsáìnì tí àwòrán ẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mo gbé gbogbo ẹ̀tọ́ kọpiráìtì mi lórí ẹ̀ fún ẹni yìí, títí láé àti níbi gbogbo, mo sì ti gba owó mi pé." Orúkọ ẹni méjèèjì, déètì, ìfọwọ́sí, kẹ́ ẹ tẹ dìsáìnì náà sẹ́yìn ìwé ọ̀hún gan-an kó má baà sí pé dìsáìnì míì ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san owó tó kù fún un ni kẹ́ ẹ gba ìfọwọ́sí náà, kó tó fi fáìlì ránṣẹ́.